Íńtígírà tí ẹ kò rí rí: ìbéèrè wo lẹ máa kọ́kọ́ bi í nínú gbọ̀ngàn ìdánwò?

Ọ̀nà tí a ń gbà yanjú íńtígírà ní ọdún kìíní yunifásítì kò pọ̀. Sọ́bìsítítúṣọ̀n wà níbẹ̀, báì páàtì wà níbẹ̀, páṣà fúrákíṣọ̀n wà níbẹ̀, àti àwọn fọ́múlà tírígì díẹ̀. Ọmọ tó bá jókòó ní kíláàsì ti gbọ́ gbogbo wọn. Síbẹ̀, bí ìdánwò bá dé, ọmọ kan náà á wo ìbéèrè títí, kò ní mọ ibi tí yóò ti mú un. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a ń kọ́ báì páàtì, báì páàtì ni gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi wá pé báwo la ṣe mọ̀ pé òun ló yẹ ká lò. Ìbéèrè ìdánwò kì í sọ orúkọ ọ̀nà rẹ̀ fún èèyàn.

Ago-Ìwòyè ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan wá láti Òru àti Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn kan láti ìhà Rẹ́mọ lọ́hùn-ún. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún wọn lójoojúmọ́ ni pé kí wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n máa bi ara wọn ní títò, kí wọ́n má sì fo ọ̀kan kọjá sí èkejì. Bí a ṣe tò wọ́n ṣe pàtàkì gan-an, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níbí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ní wàhálà: ǹjẹ́ a lè tún nǹkan yìí kọ kó rọrùn sí i kí a tó fọwọ́ kan íńtígírà rárá? Ẹ wo èyí:

```
∫ (x² + 1)² / x dx
```

Ẹni tó bá rí bùrákẹ́ẹ̀tì àti ìdá lójú kan náà lè ti máa wá ọ̀nà ńlá kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá tú bùrákẹ́ẹ̀tì náà, tí a sì fi x pín gbogbo rẹ̀, x³ + 2x + 1/x ló kù. Ìdáhùn rẹ̀ ni x⁴/4 + x² + ln|x| + C, ó parí. Abẹ́ ìbéèrè yìí náà ni àwọn fọ́múlà tírígì wà: bí ẹ bá rí sin²x nìkan, ẹ kọ ọ́ bíi (1 − cos 2x)/2, ẹ kò nílò nǹkan mìíràn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ìbéèrè yìí ń gbà. Bí kò bá sí ohun tí a lè tún kọ, a kọjá.

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ kí a dúró tì, nítorí òun ló ń gba ọmọ là jù, òun náà ni wọ́n sì ń fò jù. Òun ni pé: ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ohun mìíràn níbí, tí dẹrífátíìfù ohun inú yẹn sì wà níta?

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Nígbà tí a bá dífárẹ́ńṣíéètì ohun tó wà nínú ohun mìíràn, bíi (x³ + 5) tó wà lábẹ́ rúùtù, dẹrífátíìfù ohun inú máa ń jáde síta, á wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ní ìsọdipúpọ̀. Íńtígírà ń dá ọ̀nà yẹn padà ni. Nítorí náà, bí a bá rí ohun inú, tí a sì rí dẹrífátíìfù rẹ̀ níta, a ti rí ipa ẹsẹ̀ ibi tí ìbéèrè ti gbà wá. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

```
∫ x² √(x³ + 5) dx
```

Ohun inú ni x³ + 5. Dẹrífátíìfù rẹ̀ ni 3x². Ohun tó wà níta ni x², 3 nìkan ló ṣẹ́kù. Bí a bá pe u = x³ + 5, du = 3x² dx, ìbéèrè á di (1/3)∫ √u du, ìdáhùn á sì jẹ́ (2/9)(x³ + 5)^(3/2) + C.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà lásán ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Nọ́ńbà lè ṣẹ́kù, a lè fi í kún un kí a sì fi ìdá rẹ̀ dọ́gba níta íńtígírà. Ṣùgbọ́n x kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Àṣìṣe tí mo ń rí jù nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọ́n á rí ∫ e^(x²) dx, wọ́n á pe u = x², wọ́n á rí i pé 2x kò sí níta, wọ́n á wá kọ 1/(2x) síwájú íńtígírà bí ẹni pé nọ́ńbà ni. x ń yí padà, kò ṣe é gbé jáde. Bí ẹ bá dífárẹ́ńṣíéètì ohun tí wọ́n kọ, ìyẹn e^(x²)/(2x), kò ní dá e^(x²) padà fún yín.

Ní báyìí, ẹ wo ìbéèrè kan tó ń fi hàn kedere ìdí tí ìbéèrè kejì fi gbọdọ̀ ṣáájú báì páàtì:

```
∫ x³ e^(x²) dx
```

Ọmọbìnrin kan tó ń wá láti Ìkẹ́nnẹ́ ló gun ojú pátákó lọ ṣe é lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, nǹkan méjì ló wà ní ìsọdipúpọ̀, báì páàtì ni."

Mo ní, "Ó dáa. Nínú báì páàtì, o máa dífárẹ́ńṣíéètì ọ̀kan, o máa íńtígíréètì ìkejì. Èwo lo fẹ́ íńtígíréètì?"

"e^(x²) ni, sà. Torí pé bí mo bá ń dífárẹ́ńṣíéètì x³, ó máa tán."

"Íńtígíréètì e^(x²) fún mi nígbà náà."

Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé ṣe. Ní àwọn ọdún 1830, Joseph Liouville, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi ìdí ọ̀rọ̀ irú àwọn íńtígírà bẹ́ẹ̀ múlẹ̀: àwọn kan wà tí kò sí ìdáhùn tí a lè fi páwà, rúùtù, lọ́gì, tírígì àti ẹkispónẹ́ńṣíà kọ jáde fún wọn, e^(x²) sì wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ íńtígíréètì rẹ̀ nínú ìdánwò á kàn fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni.

Ó wá yí i padà. Ó ní òun á dífárẹ́ńṣíéètì e^(x²), òun á íńtígíréètì x³. Ó kọ ọ́ dáadáa, ohun tó jáde nìyí:

```
(x⁴/4) e^(x²) − (1/2) ∫ x⁵ e^(x²) dx
```

Mo ní kó wo páwà tó wà nínú íńtígírà tuntun náà. 3 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, 5 ló dé. Bó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, 7 ló máa rí. Nígbàkígbà tí íńtígírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ bá burú ju èyí tí wọ́n fún wa lọ, ọ̀nà náà kọ́ nìyẹn. Kí ẹ má ṣe ìlà kẹta.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kó padà sí ìbéèrè kejì. Ohun wo ló wà nínú ohun mìíràn? x² ló wà nínú e. Kí ni dẹrífátíìfù rẹ̀? 2x. Ǹjẹ́ x wà níta? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "x³ ló wà níta, sà, kì í ṣe x." Ibí yìí gan-an ni ojú ti ń là. x³ ni x² tí a fi x sọ di púpọ̀. Ẹ yá x kan lára rẹ̀ fún du, kí ẹ sì fi x² tó kù pe u, nítorí pé u gan-an ni. Pẹ̀lú u = x², x dx jẹ́ du/2, gbogbo rẹ̀ á sì di:

```
(1/2) ∫ u e^u du
```

Kò sí x kan tó ṣẹ́kù. Ìbéèrè tuntun tún wá sí iwájú wa, ẹ má sì sọ pé a ti lo sọ́bìsítítúṣọ̀n tán kí ẹ wá dúró. A tún ìbéèrè wa bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́. Ǹjẹ́ a lè tún un kọ? Rárá. Ǹjẹ́ ohun inú wà tí dẹrífátíìfù rẹ̀ wà níta? Rárá, u nìkan ló wà lórí e. Ìgbà yìí ni báì páàtì wá tọ́ sí i. A dífárẹ́ńṣíéètì u, ó di 1. A íńtígíréètì e^u, kò yí padà. Ìdáhùn ni (1/2)(u e^u − e^u), tí a bá sì dá x² padà, ó jẹ́ (1/2)e^(x²)(x² − 1) + C.

Báì páàtì tí ọmọbìnrin náà fẹ́ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipò kejì ló wà. Ìbéèrè ìdánwò tó jọ pé ó ṣàjèjì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀: ọ̀nà méjì tí a mọ̀, tí ọ̀kan fi ara pamọ́ sẹ́yìn èkejì.

Bí ìbéèrè kejì bá wá ní rárá ńkọ́? A wo irú ohun tó wà níwájú wa: ṣé ìdá ni, àbí ìsọdipúpọ̀, àbí rúùtù?

Ìdá ló ń tan èèyàn jù, nítorí pé àwọn tó jọra wọn gan-an kì í lo ọ̀nà kan náà. Ẹ tẹjú mọ́ mẹ́rin yìí:

```
∫ x/(x² + 4) dx      ∫ 1/(x² + 4) dx
∫ x²/(x² + 4) dx     ∫ 1/(x² − 4) dx
```

Ẹni tó bá ń kánjú á pè wọ́n ní ọ̀kan. Nínú èkíní, dẹrífátíìfù ìsàlẹ̀ jẹ́ 2x, x sì wà lókè. Ìbéèrè kejì ti dáhùn rẹ̀, (1/2) ln(x² + 4) + C. Nínú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, x kò sí lókè mọ́, nítorí náà lọ́gì kò lè jáde. Fọ́múlà tan⁻¹ ni, (1/2) tan⁻¹(x/2) + C. Mélòó-mélòó akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ ln(x² + 4) síbẹ̀ kìkì nítorí pé ìdá ni! Kì í ṣe gbogbo ìdá ló ń di lọ́gì. Ó dìgbà tí dẹrífátíìfù ìsàlẹ̀ bá wà lókè.

Nínú èyí tó ní x² lókè, páwà òkè dọ́gba pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀. Bó bá ti dọ́gba tàbí tó ga jù ú lọ, a kọ́kọ́ pín in. x²/(x² + 4) jẹ́ 1 − 4/(x² + 4), ìdáhùn sì jẹ́ x − 2 tan⁻¹(x/2) + C. Èyí tó gbẹ̀yìn ni páṣà fúrákíṣọ̀n, nítorí pé x² − 4 ṣe é pín sí bùrákẹ́ẹ̀tì méjì, (x − 2) àti (x + 2). Ìdá náà á di (1/4)[1/(x − 2) − 1/(x + 2)], ìdáhùn á sì jẹ́ (1/4) ln|(x − 2)/(x + 2)| + C.

Nítorí náà, bí ìdá bá dé, òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ṣé dẹrífátíìfù ìsàlẹ̀ ni? Ẹ wo páwà: ṣé ti òkè kéré sí ti ìsàlẹ̀? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi ìsàlẹ̀ pé ṣé ó ṣe é pín sí bùrákẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá ṣe é pín, tan⁻¹ ń bọ̀ lọ́nà.

Nígbà mìíràn, méjì nínú wọn máa ń wà pọ̀ nínú ìbéèrè kan, àwọn tó ń ṣe ìdánwò sì fẹ́ràn rẹ̀:

```
∫ (2x + 7)/(x² + 4x + 13) dx
```

Dẹrífátíìfù ìsàlẹ̀ ni 2x + 4. Òkè ni 2x + 7. Kò pé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ló fi yàtọ̀. Ẹ pín òkè sí (2x + 4) àti 3. Ti àkọ́kọ́ á di ln(x² + 4x + 13). Ti èkejì ni 3 lórí x² + 4x + 13. Ṣé ìsàlẹ̀ yìí ṣe é pín? b² − 4ac rẹ̀ jẹ́ 16 − 52, ìyẹn −36, ó wà lábẹ́ òdo, kò ṣe é pín. Nítorí náà a kọ ọ́ bíi (x + 2)² + 9, ó sì di tan⁻¹((x + 2)/3). Ìdáhùn rẹ̀ lápapọ̀ ni ln(x² + 4x + 13) + tan⁻¹((x + 2)/3) + C. Kò sí páṣà fúrákíṣọ̀n níbẹ̀ rárá, ẹni tó bá fi A àti B bẹ̀rẹ̀ á jókòó síbẹ̀ títí.

Ti ìsọdipúpọ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ohun méjì bá wà pọ̀ tí ìbéèrè kejì sì ti ní rárá, báì páàtì ni, ohun tó kù ni èyí tí a máa dífárẹ́ńṣíéètì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lo LIATE, tí Herbert Kasube kọ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìṣirò ní ọdún 1983: lọ́gì ló ṣáájú, tẹ̀ lé e ni ínfáàsì tírígì bíi tan⁻¹, lẹ́yìn rẹ̀ páwà x, lẹ́yìn rẹ̀ tírígì, ẹkispónẹ́ńṣíà ló kẹ́yìn. Èyí tó bá ṣáájú nínú méjèèjì ni a máa dífárẹ́ńṣíéètì. Nínú ∫ x² ln x dx, ln x ló ṣáájú, nítorí náà òun la máa dífárẹ́ńṣíéètì, á di 1/x, gbogbo rẹ̀ á sì rọ̀.

LIATE dára, mo sì ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Ẹ rántí ∫ x³ e^(x²) dx. LIATE á ní kí a dífárẹ́ńṣíéètì x³ kí a sì íńtígíréètì e^(x²), èyí tí kò ṣeé ṣe. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fẹ́ fi báì páàtì ṣe é tààrà, x² ló yẹ kó dífárẹ́ńṣíéètì, kó sì íńtígíréètì x e^(x²) lápapọ̀, nítorí pé x tó wà níta yẹn ló jẹ́ kí ó ṣe é íńtígíréètì. Ìdí nìyí tí ohun tí a máa íńtígíréètì fi ṣe pàtàkì ju ohun tí a máa dífárẹ́ńṣíéètì lọ. Ẹ kọ́kọ́ dá a lójú pé ẹ lè íńtígíréètì rẹ̀.

Ẹ tún mọ̀ pé báì páàtì lè wà níbi tí ìsọdipúpọ̀ kò hàn. ∫ ln x dx dà bí ohun kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, x ln x − x + C ló máa fún yín. Bí e^x sin x bá sì yí padà sí ara rẹ̀ lẹ́yìn báì páàtì ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ má bẹ̀rù, ẹ kó o lọ sí apá òsì ẹ̀kùéṣọ̀n, ẹ fi 2 pín in.

Ti rúùtù ló kẹ́yìn nítorí pé òun ló ń gba àkókò jù. ∫ x√(9 − x²) dx kò nílò tírígì kankan. X wà níta, sọ́bìsítítúṣọ̀n ti parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ∫ √(9 − x²) dx ni, kò sí x níta, ó di dandan kí a pe x = 3 sin θ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo bóyá wọ́n fi nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ àti òkè íńtígírà náà. Bó bá jẹ́ láti 0 dé 3, ìdá mẹ́rin òbìrípo tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 3 ni wọ́n ń béèrè, ìdáhùn sì ni 9π/4. Ìlà kan péré.

Bí ẹ bá ti gba gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí kọjá tí ìlà méjì tí ẹ kọ sì ń burú sí i, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ lọ sí ìbéèrè mìíràn. Ẹ kọ ohun tí ẹ pè ní u sílẹ̀ kedere kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ dúró sí bí ẹ bá padà wá.

Íńtígírà sì ní oore kan: ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ gbà á kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Ẹ dífárẹ́ńṣíéètì ìdáhùn yín. Bí a bá ṣe é sí (1/2)e^(x²)(x² − 1), apá kan á fún wa ní x e^(x²)(x² − 1), apá kejì á fún wa ní x e^(x²). Bí a bá kó wọn pọ̀, −x e^(x²) àti x e^(x²) á pa ara wọn rẹ́, x³ e^(x²) á sì kù, ohun tí wọ́n fún wa gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìdáhùn ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín wọn tiyín lẹ́yìn ìdánwò. Fún ∫ sin x cos x dx, ẹni tó pe u = sin x á rí (1/2)sin²x + C, ẹni tó pe u = cos x á rí −(1/2)cos²x + C. Àwọn méjèèjì ló gbà á. Nítorí pé sin²x + cos²x = 1, 1/2 ni ìdáhùn méjèèjì fi yàtọ̀ síra wọn, C tó wà nídìí wọn sì ti gba 1/2 náà mọ́ra.